Tàdáwà Inú Odò Tígírísì àti Ọmọ Ọdún 14 Tó Padà Wá Tọ́jú Ìwé

Ilé kéwú tí mo lọ ní kékeré wà ní ẹ̀yìnkùlé Àfáà wa ní Ìbàdàn. Lọ́sàn-án Àlàrùba, kí wọ́n tó tú wa sílẹ̀ fún ìsinmi, a ní láti fọ wàláà. Agbada amọ̀ kan wà lábẹ́ igi máńgòrò tí a máa ń pọnmi sí. Bí a bá ki wàláà àkọ́kọ́ bọ inú rẹ̀, omi náà á kàn ṣú díẹ̀ ni. Tó bá fi máa di wàláà kẹfà, ó ti di omi aró. Mo fẹ́ràn láti máa wo bí tàdáwà ṣe ń kúrò lára igi, bí ìrù lẹ́tà áínì ṣe ń gùn tín-ín-rín bí okùn títí tí á fi parẹ́ sínú omi.

Lọ́jọ́ kan, Àfáà dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo omi yìí dáadáa. Odò ńlá kan ti dúdú báyìí rí o. Tígírísì lorúkọ rẹ̀, àárín ìlú Bàgídáádì ló ń ṣàn gbà. Àwọn kèfèrí kan ló kó ìwé dà sínú rẹ̀ títí omi fi dúdú.”

Mo ní, “Àfáà, ìwé kankan ò wá ṣẹ́kù ni?”

Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, tí kò bá ṣẹ́kù, kí lò ń kọ́ yìí?”

Ó ti pẹ́ o. Ilé ìkàwé ni mo ti ń jẹun báyìí. Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ibi tí ìwé wà, ibi tó ti wá, àti ẹni tó yá a tí kò dá a padà. Bóyá ìyẹn ni ìbéèrè ọjọ́ yẹn ò ṣe kúrò lọ́kàn mi. Ta ló gbé ìwé jáde nínú ìlú tó ń jó? Ta ló jókòó tún un kọ? Owó ta ni wọ́n fi ń jẹun nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́? Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa rẹ̀, ẹnì kan wá dà bí ojúlùmọ̀ lójú mi. Ibnú Fúwàtì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Bàgídáádì ni, ọdún 1244 ni wọ́n bí i, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú.

Àwọn Mọ́ngólù ló mú un. Darandaran ni wọ́n, orí ẹṣin ni wọ́n ń gbé, lórí pápá koríko tó tẹ́ lọ bí òkun ní àríwá Ṣáínà. Jẹ́ńgísì Káánì ló so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan ní 1206. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Húlágù, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Mọ́ńkè, ọba wọn àgbà, rán sí ìwọ̀-oòrùn ní 1253 pé kó lọ tẹ orí gbogbo àwọn tí kò tíì túúbá ba. Àwọn Ìsìmáílì, ẹ̀yà kan lára àwọn Mùsùlùmí Ṣíà, tó wà nínú àwọn ilé olódi orí òkè Páṣíà ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀, ní ìparí 1256. Àlámútù ni olórí ilé olódi wọn, ilé ìwé tó lókìkí sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ní Àlámútù, nítorí ọkùnrin méjì tó máa padà wá nínú ìtàn yìí wà lára ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ni Átá-Málíkì Júwéínì, akọ̀wé Húlágù. Òun ló tọrọ àyè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun yẹ ilé ìwé náà wò kí wọ́n tó sun ún. Ó kó àwọn Kùránì jáde, ó kó àwọn ìwé tó wù ú, ó sì kó àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Ìyókù, tó jẹ́ ìwé ẹ̀sìn àwọn Ìsìmáílì, ó dáná sun ún. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, kò sì fi bò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, inú mi ru. Ẹni tó mọyì ìwé dé ibi pé ó wọ inú ilé olódi tó ń wó lọ láti lọ yọ ìwé, ọwọ́ kan náà ló tún fi ń ju ìwé síná.

Ẹnì kejì ni Násírùdíìnì Túsì. Ọmọ ìlú Túsì ní Páṣíà ni, wọ́n bí i ní 1201. Kò sí ẹni tó mọ ìṣirò àti ìràwọ̀ tó o nígbà náà. Ó ti lo ọdún tó lé ní 20 lọ́dọ̀ àwọn Ìsìmáílì kí Húlágù tó dé. Nígbà tí wọ́n túúbá, ó bá Húlágù lọ, ó sì di olùdámọ̀ràn rẹ̀.

Ó wá ku Bàgídáádì. Ìdílé Ábáàsì ti ń jẹ Kálífà, olórí àwọn Mùsùlùmí, láti ọdún 750, Bàgídáádì fúnra rẹ̀ sì ti wà láti 762. Al-Mústásímù tó wà lórí oyè ni ẹni kẹtàdínlógójì. Agbára rẹ̀ kò kọjá ilẹ̀ Ìráàkì mọ́, ó sì ti gé owó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Húlágù ránṣẹ́ sí i pé kó wó odi ìlú, kó sì wá kí òun. Kálífà fi èsì ìgbéraga ránṣẹ́ padà pé gbogbo Mùsùlùmí ayé ni yóò dìde fún òun.

Húlágù ní awòràwọ̀ kan láàfin, Húsámùdíìnì lorúkọ rẹ̀. Ìyẹn kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá gbógun ti ìdílé Ábáàsì, ẹṣin rẹ̀ á kú, òjò kò ní rọ̀, oòrùn kò ní yọ, àti àwọn àjálù mìíràn bẹ́ẹ̀. Húlágù wá pe Túsì, ó bi í pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀. Túsì ní kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó máa ṣẹlẹ̀. Húlágù ní, kí ló wá máa ṣẹlẹ̀? Túsì ní Húlágù ni yóò jókòó sí ipò Kálífà.

Ráṣídùdíìnì, òpìtàn ààfin àwọn Mọ́ngólù, ló kọ èyí sílẹ̀ ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà. Títí di òní ni àwọn kan fi ń ka ìdáhùn yìí sí Túsì lọ́rùn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Bí mo bá rò ó, òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Oòrùn kì í kọ̀ láti yọ nítorí ọba. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń sọ òótọ́ náà fún, ó sì mọ ohun tó ń mú idà rẹ̀ dá ní àkọ̀. Mi ò tíì rí ọ̀nà tí mo lè fi ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ní Oṣù Kìíní 1258, ọmọ ogun Kálífà jáde lọ pàdé wọn ní ìwọ̀-oòrùn ìlú. Lóru, àwọn Mọ́ngólù já ògiri tí wọ́n fi sé omi lẹ́yìn wọn. Omi bo pápá, àwọn tí idà kò sì pa, ẹrẹ̀ pa wọ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni wọ́n ká ìlú mọ́. Ilẹ̀ etí odò ni Bàgídáádì, kò sí òkúta níbẹ̀. Láti orí òkè Hámírínì ni wọ́n ti ń ru òkúta wá fún ẹ̀rọ ìjù-òkò wọn, wọ́n sì ń gé ọ̀pẹ déètì lulẹ̀, wọ́n ń kékèé ìtì rẹ̀, wọ́n ń jù ú lu odi. Wọ́n tún kọ̀wé mọ́ ara ọfà, wọ́n ta á wọ inú ìlú. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé àwọn adájọ́, àwọn onímọ̀, àwọn àfáà àgbà, àwọn ọmọ ìdílé Ànábì, àwọn oníṣòwò, àti gbogbo ẹni tí kò bá bá wọn jà, ẹ̀mí wọn kò léwu.

Ọ̀rọ̀ ara ọfà yẹn kò gba ọ̀pọ̀ wọn là. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kejì, Kálífà jáde pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 ni wọ́n sọ ìlú di ìkógun, fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní ọjọ́ 20 wọ́n pa Kálífà. Wọ́n ní inú kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wé e sí kí ẹṣin tó tẹ̀ ẹ́ pa, nítorí èèwọ̀ wọn ni kí ẹ̀jẹ̀ ọba kan ilẹ̀. Húlágù fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí ọba Faransé ní 1262 pé àwọn tó kú lé ní 200,000. Ẹnu ẹni tó ń fi ogun yangàn ni iye yẹn ti jáde, a ò lè gbé e lé òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n òórùn ìlú náà burú débi pé Húlágù fúnra rẹ̀ ṣí kúrò níbẹ̀.

Lára àwọn tí wọ́n pa ni Múhíídíìnì Yúsúfù, ọmọ Ibnú Jáúsì, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ àgbà ààfin ni, olùkọ́ sì ni. Ibnú Fúwàtì wà lára àwọn ọmọ tó ń jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Kí n wá sọ̀rọ̀ odò náà. Nínú àwọn tó wà láyé nígbà ogun yẹn tí mo ka ọ̀rọ̀ wọn, mi ò rí ẹni tó sọ pé omi Tígírísì dúdú. Ìtàn náà ń hàn sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ibnú Kàldúnì, òpìtàn tó kọ̀wé ní ohun tó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn ogun náà, ló sọ pé wọ́n da ìwé àwọn Kálífà sí odò. Wọn kò ṣàì ba ìwé jẹ́ o. Ìlú tí wọ́n jó, tí wọ́n kó, ìwé inú rẹ̀ kò lè wà lódindi. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó wà ní Ìráàkì nígbà náà kọ sílẹ̀ yàtọ̀, ó sì dùn mí ju ìtàn odò lọ: ebi pa àwọn tó kù ní Bàgídáádì, àwọn ará Hílà àti Kúfà ń gbé oúnjẹ wá tà fún wọn, ìwé olówó iyebíye ni wọ́n sì ń kó lọ dípò owó.

Mo máa ń fojú inú wo ọjà yẹn. Opó kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ yọjú láti inú ilé tí kò lórùlé mọ́, ó gbé ìwé tí ọkọ rẹ̀ fi ọdún méjì kọ, ó fi gba ọkà bálì tí kò lè tó ọmọ rẹ̀ jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwà ìkà ni lójú ẹni tó bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé tó lọ sí Hílà lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò jóná. Hílà kò bá wọn jà, ó ti túúbá kí ogun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì di ibùjókòó ẹ̀kọ́ fún àwọn Ṣíà láti ìgbà náà lọ.

Ohun kan tún wà tí àwa tó ń tọ́jú ìwé mọ̀ dáadáa. Ìwé tí wọ́n ti dà kọ kì í kú sójú kan. Ní ayé ìgbà yẹn, bí olùkọ́ bá ka ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ náà ń kọ ọ́. Nígbà tó bá parí, á kà á padà fún olùkọ́ kó lè tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, olùkọ́ á sì kọ ìjásà fún un lẹ́yìn ìwé náà pé ó lè fi kọ́ ẹlòmíràn. Ìwé tó bá ti gba ọ̀nà yìí dé Dàmásíkù àti Káírò, àdàkọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, iná Bàgídáádì kò lè dé ibẹ̀. Èyí tó kú ni ìwé tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí òǹkọ̀wé rẹ̀ kò tíì kà fún ẹnikẹ́ni. Èyí tó sì tún kú ni olùkọ́ fúnra rẹ̀. Bí o bá pa Múhíídíìnì, ìwé rẹ̀ lè wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gba ìjásà lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ibnú Fúwàtì wà lóko ẹrú fún ọdún bíi mélòó kan ní ìhà Asẹ̀bàíjánì. Nígbà tó bọ́ lóko ẹrú, ọ̀dọ̀ Túsì ló dé, ní ìlú Màrágà. Túsì kọ́ ọ ní ìmọ̀, ó sì fi ilé ìwé sábẹ́ àkóso rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọ̀pọ̀ nínú ìwé tó wà níbẹ̀, láti Bàgídáádì, láti Síríà àti láti àárín odò Tígírísì òun Yúfírétì ni wọ́n ti kó wọn wá. Wọ́n ní wọ́n tó 400,000. Iye náà pọ̀ ju ohun tí mo lè gbà lọ, nítorí mo mọ bí ibi tí 40,000 ìwé ń gbà ṣe fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n iye yòówù kó jẹ́, ọmọ Bàgídáádì tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń tọ́jú ìwé Bàgídáádì tí wọ́n kó nígbèkùn. Ó ní láti jẹ́ pé nígbà mìíràn ó ń ṣí ìwé kan, ó ń rí orúkọ ẹni tó mọ̀ lójú ewé àkọ́kọ́.

Kí ló dé tí Húlágù, tó jó Bàgídáádì, fi kọ́ ilé ìwòràwọ̀ sí Màrágà ní 1259? Ìtàn kan wà tí àwọn ará àtijọ́ ń sọ nípa rẹ̀. Húlágù bi Túsì pé kí ni àǹfààní ìmọ̀ ìràwọ̀ tí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á bá ṣẹlẹ̀ náà ni. Túsì ní kí ó jẹ́ kí ẹnì kan gun òkè lọ, kó yí ọpọ́n bàbà ńlá kan sílẹ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọpọ́n náà já bọ́ pẹ̀lú ariwo, àwọn ọmọ ogun sì sá kìjokìjo. Húlágù àti Túsì kò mira. Túsì ní àǹfààní rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀ kì í já láyà. Bó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni o, bí kò ṣẹlẹ̀ ni o, ó fi hàn bí àwọn onímọ̀ ìgbà náà ṣe ń ta ọjà wọn fún ọba tí kò kàwé. Ìyẹn ń fẹ́ mọ ọjọ́ tó dára fún ogun. Túsì ń fẹ́ ibi tí yóò kó àwọn onímọ̀ jọ sí.

Ó sì kó wọn jọ. Múáyádùdíìnì Úrídì wá láti Dàmásíkù, òun ló ṣe àwọn irinṣẹ́, lára wọn ni ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrí kan tí wọ́n gbé ti ògiri, tó lé ní mítà 4 láti àárín rẹ̀ dé etí, kí ojú lè ka ìwọ̀n gíga ìràwọ̀ láìṣìnà. Múhíídíìnì Mágíríbì ní tirẹ̀, ogun ni wọ́n ti mú un ní Síríà, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ará ààfin tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó kígbe pé òun mọ ìràwọ̀, wọ́n sì dá idà dúró. Onímọ̀ kan wá láti Ṣáínà tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ lọ́dọ̀ wọn. Bíṣọ́ọ̀bù àwọn Kìrìsìtẹ́nì Síríà kan, Bárì Hébíráéùsì, wá kọ́ àwọn ènìyàn ní ìṣirò Yúkílíìdì níbẹ̀ ní 1268.

Owó ni mo sábà máa ń wá nínú ìtàn báyìí, nítorí ilé ìkàwé tí kò lówó, ikán ló ń jogún rẹ̀. Wákáfù ló gbé Màrágà dúró. Wákáfù ni dúkìá tí ẹnì kan yọ sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run títí láé, bóyá oko, bóyá ṣọ́ọ̀bù, tí wọn kò gbọ́dọ̀ tà, tí owó tó ń wọlé lórí rẹ̀ á máa lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ilé ẹ̀kọ́. Húlágù fi wákáfù ilẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ Túsì, Túsì sì ń mú ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ fún ilé ìwòràwọ̀ àti owó oṣù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan bínú sí i. Wọ́n ní ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí kò fi oko sílẹ̀ kí àwọn kan máa fi wo ìràwọ̀. Wọn kò jayò pa. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Húlágù kú ní 1265 ni kí ẹ wò. Kí ó tó di ìgbà náà, bí ọba tó dá ilé ìwòràwọ̀ sílẹ̀ bá kú, ilé náà á bá a lọ, nítorí àpò ọba ni owó ti ń jáde. Ti Màrágà kò kú. Oko kì í kú nítorí ọba kú.

Àkókò ni wọ́n sì nílò jù. Túsì sọ fún Húlágù pé kí wọ́n tó lè wo gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì yí ká lẹ́ẹ̀kan, kò ní dín ní 30 ọdún, nítorí Sátọ́ọ̀nù ń lo nǹkan bí ọdún 30 kó tó padà sí ibi tó ti gbéra. Húlágù ní ọdún 12 ni òun fún wọn. Túsì ní òun á gbìyànjú. Ìwé àtẹ ìràwọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìdílé Húlágù parí ní nǹkan bí 1271, nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ábákà wà lórí oyè. Ká sọ òótọ́, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ iye tí wọ́n yá láti inú àwọn àtẹ àtijọ́. Mágíríbì, ẹni tí idà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ lórí, ni ó jókòó ti irinṣẹ́ lóròòru láti 1262 sí 1274, tó sì fi ohun tó fojú ara rẹ̀ rí ṣe àtẹ tirẹ̀.

Ohun kan wà láti ọwọ́ Túsì tí mo fi ọwọ́ ara mi dán wò. Pítólẹ́mì àwọn Gíríìkì ti ṣàlàyé ìrìn pílánẹ́ẹ̀tì, iye rẹ̀ sì bá ojú mu, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ ń béèrè pé kí òbìrí máa yí déédéé yí ibòmíràn ká tí kì í ṣe àárín ara rẹ̀. Àgbá tí ń yí lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò sí. Túsì fẹ́ kí ohun gbogbo lókè ọ̀run máa yí déédéé lórí àárín ara rẹ̀, síbẹ̀ ó nílò ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ìlà gbọọrọ. Ó fi òbìrí kékeré sínú òbìrí ńlá. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, èmi àti ọmọ mi obìnrin gé páálí. A gé ihò róbótó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 sára páálí kan, a sì gé àwo róbótó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 gẹ́lẹ́ láti ara òmíràn. A fi bíírò tọ́ ojú kan sí etí àwo kékeré náà, a wá ń yí i lẹ́bàá etí ihò ńlá láti inú, kò gbọ́dọ̀ yọ̀. Ọmọ mi rò pé ojú tàdáwà náà á máa kọ kọ́ńdọ́kọ́ńdọ́ yí ká. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba àárín ihò ńlá kọjá lójú ìlà tó gún régé, ó dé òdìkejì, ó padà. Ọmọ mi gba àwo náà lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Túsì ti ń rò ó láti ọ̀dọ̀ àwọn Ìsìmáílì, Màrágà ló ti kọ ọ́ dé ojú rẹ̀, ní 1261, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìparun Bàgídáádì. Ohun kan náà ló wà nínú ìwé tí Kòpẹ́níkọ́ọ̀sì, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Yúróòpù, tẹ̀ jáde ní 1543. Bó ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Túsì kú ní Bàgídáádì ní Oṣù Kẹfà 1274, níbi tó ti lọ bójú tó ọ̀rọ̀ wákáfù. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní ìlú tó sọ fún Húlágù pé yóò ṣubú.

Ìlú náà kò sì ti kú o. Ilé ẹ̀kọ́ Mústánsíríyà, tí wọ́n ṣí ní 1234 fún ọ̀nà òfin Súnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, là á já, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níbẹ̀ padà. Ẹni tí Húlágù fi ṣe gómìnà Bàgídáádì ni Júwéínì, ọkùnrin Àlámútù yẹn. Ó lé ní 20 ọdún tó fi ṣe é. Ó gbẹ́ odò, ó tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe, ó sì ránṣẹ́ pe Ibnú Fúwàtì ní nǹkan bí 1280 pé kó máa bọ̀ wá sílé, kó wá máa tọ́jú ilé ìwé Mústánsíríyà. Ìwé tí Júwéínì sun kò padà sí láyé. Àmọ́ bí kò bá sí i, bóyá ọmọ Bàgídáádì yìí kì bá ti padà wálé.

Yákúútù, ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà láàfin Kálífà tó kẹ́yìn, wà ní Bàgídáádì bákan náà títí tó fi kú ní 1298. Àwọn tó ń fi kálámù kọ ọwọ́ Lárúbáwá títí dòní mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló gé ẹnu kálámù rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, tí ìlà fi ń nípọn tó sì ń tínrín bí ọwọ́ ṣe ń yí. Wọ́n ní lọ́jọ́ ogun, orí mínárétì ló sá sí, nígbà tí kò sì rí bébà, ó ń kọ̀wé sára aṣọ. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ibnú Fúwàtì fúnra rẹ̀ ń da ìwé kọ láti fi jẹun. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ó ń kọ̀wé tòun ti pé ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀. Ó kọ ìwé kan nípa àwọn tó wá kí wọn ní ilé ìwòràwọ̀ Màrágà. Èyí ti sọnù. Ó tún kọ ìwé ńlá kan nípa àwọn ènìyàn, ó tò wọ́n tẹ̀lé orúkọ oyè wọn: Ìsùdíìnì, Fákírùdíìnì, Kámálùdíìnì. Ẹni tó pàdé nínú ilé ìwé, ẹni tó fún un ní ìjásà, ẹni tí wọ́n pa nínú ogun Bàgídáádì, akéwì tí kò lókìkí, oníṣègùn, ó kọ gbogbo wọn. Nígbà mìíràn ìlà mẹ́ta péré ni ẹnì kan ní. Ó kọ orúkọ, orúkọ bàbá, ìlú, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, àti ọdún tí wọ́n pàdé. Bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ará ilé lẹ́yìn tí iná jó ilé, tó ń wo ẹni tó máa dáhùn.

Ó kú ní 1323. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Ibnú Bàtútà, arìnrìn-àjò nì, dé Bàgídáádì láti Mòrókò, tó sì rí àwọn olùkọ́ tó jókòó ní Mústánsíríyà, tí wọ́n wé láwàní, tí wọ́n ń kọ́ni.

Ìwé ńlá rẹ̀ náà, wọ́n ní ó tó 50 lódindi, kò sí mọ́. Ó ti dín in kù fúnra rẹ̀ kó tó kú, ìwé tó dín kù náà sì ti sọnù púpọ̀. Apá méjì ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Apá kẹrin wá sí ọwọ́ wa láti Dàmásíkù, ọwọ́ Ibnú Fúwàtì fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Apá karùn-ún, Láhórè ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ní ilẹ̀ tó jìnnà réré sí Tígírísì. Lẹ́tà áínì ni ohun tó ṣẹ́kù ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró sí mímù. Àwọn tí orúkọ oyè wọn bẹ̀rẹ̀ láti alífù títí kan ibi tí áínì ti bẹ̀rẹ̀, a ò ní wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí èyí tí wọ́n tẹ̀, ojú ewé àwọn Ìsùdíìnì ni mo bọ́ sí, Ìsùdíìnì lórí Ìsùdíìnì, mo sì fi ìka tọ áínì àkọ́kọ́ títí dé ìrù rẹ̀.